Ẹ̀dà ímeèlì méjì, ìdáhùn 9 sí 4: ṣé ká ju àkọ́kọ́ nù?

SólàGwarinpa

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ ìtọ́jú sólà àti ínfátà là ń ṣe níbí, àwọn ilé-ìwé aládàáni la sì ń kọ ímeèlì sí láti wá oníbàárà. Ẹ̀dà méjì ni mo kọ. Àkọlé èyí àkọ́kọ́ ni "Ìtọ́jú sólà fún ilé-ìwé yín", ó sì parí sí "Ẹ fún wa ní ìṣẹ́jú 30 lọ́sẹ̀ yìí ká wá rí yín." Àkọlé ìkejì ni "Bátìrì ínfátà yín ńkọ́?", ó parí sí "Ṣé ẹ ní ẹni tó ń bá yín yẹ bátìrì wò? Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ti tó." Ilé-ìwé 60 ló gba ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́ mú ìdáhùn 4 wá, ìkejì mú 9. Ọ̀gá mi ní ká ju àkọ́kọ́ nù. Ṣé ó tọ́ bẹ́ẹ̀?

Bọ̀dáNyanya

Ọ̀gá yín gbà á. 9 ju ìlọ́po méjì 4 lọ, kí lẹ tún ń wò? Nígbà tí a wà ní yunifásítì, wọ́n kọ́ wa pé tí nǹkan téèyàn ń kà bá ti pé 30, ó tó fi dájọ́. Tiyín 60 ni, ó tún lé. Ohun kan ṣoṣo tí mo máa bèèrè ni pé mélòó ló ṣí i? Ẹni tí kò ṣí ímeèlì kò yẹ kó wà nínú ìṣirò rárá. Ẹ yọ wọ́n kúrò, kí ẹ tún un kà.

ÀǹtíJabi

Ẹ má tíì ju ohunkóhun nù. SólàGwarinpa, ọjọ́ wo lẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́, àwọn wo lẹ sì fi ránṣẹ́ sí?

SólàGwarinpa

Àkọ́kọ́ lọ lọ́jọ́ Jímọ̀, bí mo ṣe ń kọ ọ́ tán báyìí, aago méjìlá ọ̀sán ti kọjá díẹ̀. Àwọn ilé-ìwé Kano àti Kaduna ló wà lókè nínú lísìtì wa, àwọn ni mo fi ránṣẹ́ sí. Ìkejì lọ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àbújá ni gbogbo tiwọn: Wuse, Maitama, Gwarinpa, Kubwa.

Alhaji_TudunWada

Jímọ̀, aago méjìlá, ní Kano! Àbúrò, ta lẹ rò pé ó jókòó ti kọ̀ǹpútà lásìkò yẹn? Kàdúná níbí ni mò ń gbé, ó ti pẹ́. Bó bá ti ń tó aago méjìlá àbọ̀, akápò ilé-ìwé ti ń wá ṣálúbàtà rẹ̀ láti lọ sí mọ́ṣáláṣí. Àwọn mìíràn kì í padà sí ọ́fíìsì mọ́ lọ́jọ́ náà. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé Islamiyya tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé Ọjọ́bọ̀ àti Jímọ̀ ni ìsinmi wọn. Tí wọ́n bá fi máa wọlé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ímeèlì yín ti wà lábẹ́ ogún mìíràn. Mẹ́rin tó tiẹ̀ dáhùn yẹn gbìyànjú.

ÀǹtíJabi

Alhaji ti là á sílẹ̀. Ẹ wo iye nǹkan tó yàtọ̀ láàárín ẹ̀dà méjèèjì: àkọlé, ìbéèrè ìparí, ọjọ́ tí ó lọ, àti ìlú tí ó lọ. Mẹ́rin. Tí 9 bá tilẹ̀ jẹ́ 29, ẹ kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó lè jẹ́ pé ìlú nìkan ni. Ilé-ìwé tó wà ní Maitama lè pè yín wá lónìí kí ẹ débẹ̀ lónìí. Èyí tó wà ní Kano mọ̀ pé Gwarinpa jìnnà sí òun, kò sì rí ìdí tó fi yẹ kí òun dáhùn. Kò sí ọ̀rọ̀ téèyàn kọ sínú ímeèlì tó lè tún ìyẹn ṣe.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ká ṣe bí ẹni pé ẹ pín in dáadáa. Ṣé 9 sí 4 tó láti fi dájọ́? Ohun tí mo máa ń ṣe nìyí, kò le. Ká ní ẹ̀dà méjèèjì dọ́gba pátápátá, tí kò sí èyí tó dùn ju èkejì lọ. Ìdáhùn 13 ló wọlé lápapọ̀. Nígbà tó jẹ́ pé 60 àti 60 ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú 13 yẹn lè ti ẹ̀gbẹ́ èyí tàbí ẹ̀gbẹ́ tọ̀hún wá, bákan náà ni. Ó wá di ọ̀rọ̀ ká ju owó ẹyọ sókè lẹ́ẹ̀mẹ́tàlá, ká ka iye ìgbà tó fi orí lé ilẹ̀. (Ta ló tún ń rí owó ẹyọ ní Nàìjíríà? Ẹ fojú inú wò ó.) Tí èèyàn bá ṣe eré yìí nígbà 100, bíi 27 nínú rẹ̀ ni yóò já sí 9 sí 4 tàbí kó tún fì jù bẹ́ẹ̀ lọ, sí ẹ̀gbẹ́ kan tàbí èkejì. Ohun tó lè ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́rin lásán, láìsí ìdí kankan, a kì í fi lé ẹ̀dà kankan jáde.

Bọ̀dáNyanya, ọ̀rọ̀ 30 yẹn kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ibòmíràn ni wọ́n ti ń lò ó. Ó wúlò tí a bá ń wá ìpíndọ́gba nǹkan tí gbogbo ènìyàn ní, bíi gíga tàbí ìwọ̀n, tí kò sì fì jù sápá kan. Níbí, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ní dáhùn rárá. Iye tí a fi ránṣẹ́ kọ́ ló ń sọ̀rọ̀, iye tó dáhùn ni. Ẹ lè fi 1,000 ránṣẹ́, tí ó bá jẹ́ pé 6 ló dáhùn, 6 yẹn lẹ ní lọ́wọ́.

Bọ̀dáNyanya

Ó dáa, mo gba ti 30. Ti àwọn tí kò ṣí i ńkọ́? Ẹ kò dáhùn ìyẹn.

ÀǹtíJabi

Nǹkan méjì ló wà nínú ìyẹn. Èkíní, ẹ kò mọ ẹni tó ṣí i ní tòótọ́. Àwòrán kékeré kan tí ojú kò rí ni wọ́n máa ń fi sínú ímeèlì, tí ó bá ti wọlé wọ́n á ní ẹni náà ti ṣí i. Láti oṣù Kẹsàn-án 2021 ni Apple ti gbé ètò ààbò kan jáde nínú Mail wọn, tó jẹ́ pé ẹ̀rọ Apple fúnra rẹ̀ ló ń lọ gbé àwòrán wá ṣáájú, ìbáà jẹ́ pé olówó fóònù ń sùn. Ẹni tó ń lo iPhone lè hàn bí ẹni tó ṣí i nígbà tí kò tiẹ̀ rí i. Ẹlòmíràn sì lè kà á tán láìjẹ́ kí àwòrán wọlé, kó hàn bí ẹni tí kò ṣí i.

Èkejì ló tún burú jù. Àkọlé wà lára ohun tí ẹ yí padà. Iṣẹ́ àkọlé ni pé kí ènìyàn ṣí i. Tí ẹ bá yọ àwọn tí kò ṣí i kúrò, ẹ ti pa ohun tí ẹ fẹ́ wọ̀n rẹ́, ẹgbẹ́ méjèèjì kò sì dọ́gba mọ́. Ẹni tí ẹ fi ránṣẹ́ sí wà nínú ìṣirò, yálà ó ṣí i tàbí kò ṣí i. Àwọn tí àdírẹ́sì wọn ti kú tí ímeèlì ta padà nìkan lẹ lè yọ, láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

ÌyáKílíṣí

Ẹ jọ̀ọ́, èmi náà nírú ìṣòro yìí. Kílíṣí ni mò ń tà ní Kàdúná, mo ń fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn àti Èkó. Lórí Wọ́sáàpù ni mo ti ń polówó. Ìgbà tí mo fi àwòrán sí i, àwọn ènìyàn pọ̀. Ìgbà tí mo kọ ọ̀rọ̀ lásán, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Ṣé kí n wá máa fi ímeèlì ránṣẹ́ ni? Ibo lẹ ti ń rí àdírẹ́sì àwọn ènìyàn?

Alhaji_TudunWada

Ìyá, ẹ má dá ara yín lágara pẹ̀lú ímeèlì. Ta ló ń ra kílíṣí látinú ímeèlì? Ẹ máa bá Wọ́sáàpù yín lọ. Ẹ kàn fi èmi náà sínú lísìtì.

ÀǹtíJabi

Ìyá, ọ̀rọ̀ àwòrán yín jọ tiwa díẹ̀. Ìgbà tí ẹ fi àwòrán sí i, ṣé òpin oṣù kọ́ ni? Tí owó oṣù bá ti wọlé, ọ̀rọ̀ lásán náà á tajà. Ẹ fi èyí tó ní àwòrán ránṣẹ́ sí ìdajì lísìtì yín, èyí tí kò ní sí ìdajì kejì, ní wákàtí kan náà, kí ẹ tó gbà pé àwòrán ni.

SólàGwarinpa, ẹ padà síbi ọ̀rọ̀ yín. Ìdáhùn 13 kò pọ̀ fún ìṣirò, ṣùgbọ́n ó kéré tó láti kà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ni wọ́n sọ gan-an?

SólàGwarinpa

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọn jáde ni. Nínú mẹ́rin àkọ́kọ́, ọ̀kan jẹ́ ìdáhùn tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ fi ránṣẹ́ pé ọ̀gá àgbà wà ní ìsinmi. Méjì bèèrè iye owó. Ọ̀kan ní ká wá, ilé-ìwé kan ní Kàdúná.

Nínú mẹ́sàn-án ìkejì, ọ̀kan náà jẹ́ ti ẹ̀rọ. Márùn-ún sọ pé "Bẹ́ẹ̀ ni, a ní ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò", ó parí síbẹ̀. Ọ̀kan nínú márùn-ún yẹn fi "ẹ ṣé" sí i. Méjì bèèrè owó. Ọ̀kan ní ká wá.

Alhaji_TudunWada

Ha. Mẹ́ta sí mẹ́ta.

ÀǹtíJabi

Mẹ́ta sí mẹ́ta, pẹ̀lú pé Jímọ̀ àti ọ̀nà jíjìn wà lọ́rùn àkọ́kọ́. Ẹ kò bèèrè nǹkan kan náà lọ́wọ́ wọn ni. Ìkejì rọrùn láti dáhùn, "bẹ́ẹ̀ ni" ti tó, àwọn tí kò nílò yín náà sì dáhùn. Àkọ́kọ́ bèèrè ìṣẹ́jú 30, ẹni tó nílò yín nìkan ló máa dá irú ìyẹn lóhùn. Tí ẹ bá ń ka ìdáhùn lásán, ẹ̀dà tó bá bèèrè ohun tó kéré jù ló máa borí nígbà gbogbo, yálà owó wọlé tàbí kò wọlé.

Nítorí náà, kí ẹ tó fi òmíràn ránṣẹ́, ẹ kọ ohun tí ẹ máa kà sílẹ̀: bíi "bèèrè owó, tàbí ní ká wá, láàárín ọjọ́ mẹ́wàá". Ti ẹ̀rọ kò sí níbẹ̀, "ẹ ṣé" kò sí níbẹ̀. Kí ẹlòmíràn ní ọ́fíìsì yín ló pín àwọn ìdáhùn sí èyí tí ẹ máa kà àti èyí tí ẹ kò ní kà, láìjẹ́ kó mọ ẹ̀dà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà. Ẹni tó kọ ẹ̀dà kan máa ń rí oníbàárà níbi tí kò sí.

Bọ̀dáNyanya

Mo yarí sí ìyẹn díẹ̀. Àwọn márùn-ún tó ní "a ní ẹnìkan" yẹn, wọn kì í ṣe òfo. Ẹ ti mọ̀ báyìí pé wọ́n ní ínfátà, ẹ mọ̀ pé ẹnìkan ń ka ímeèlì níbẹ̀. Lóṣù mẹ́ta sí i, tí ẹni tó ń bá wọn ṣe é bá já wọn kulẹ̀, ta ni wọ́n máa rántí? Iṣẹ́ títà ni mò ń ṣe, mo mọ ohun tí mò ń sọ.

ÀǹtíJabi

Ìyẹn lè rí bẹ́ẹ̀, mi ò jà sí i. Tó bá jẹ́ pé irú wọn lẹ ń wá, ẹ kà á. Kó ṣáà jẹ́ pé ẹ ti pinnu rẹ̀ kí ìdáhùn tó wọlé, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ ti rí ẹni tó ń borí.

SólàGwarinpa

Ó yé mi. Ilé-ìwé 300 ló kù nínú lísìtì tí a kò tíì kọ̀wé sí. Báwo ni kí n ṣe pín wọn? Èwo ni kí n yí padà?

ÀǹtíJabi

Ìbéèrè ìparí nìkan ni kí ẹ yí. Àkọlé kan náà, ọ̀rọ̀ àárín kan náà títí dé kọ́mà, orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́ kan náà. Mo mú ìparí nítorí pé òun ni ìdáhùn yín fi hàn pé ó ń yí nǹkan padà. Ẹ lè dán àkọlé wò nígbà mìíràn.

Ti pípín: ẹ kọ́kọ́ tò ó kí ilé-ìwé kan jẹ́ ìlà kan. Tí onílé-ìwé kan bá ní ẹ̀ka méjì, ìlà kan ni wọ́n, torí ọ̀gá àgbà àti akápò lè jọ jókòó kí ọ̀kan rí ẹ̀dà yìí, èkejì rí tọ̀hún, kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín yín. Lẹ́yìn náà, ẹ pín wọn sí ìlú-ìlú. Nínú ìlú kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣẹ́ kèké: ẹ kọ èyí síwájú orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú Google Sheets,

```
=RAND()
```

kí ẹ wá to ìlú náà tẹ̀lé nọ́ńbà tó bá jáde. Ìdajì òkè gba ẹ̀dà kìíní, ìdajì ìsàlẹ̀ gba ìkejì. Bẹ́ẹ̀ ni Kano á ní ìdajì, Àbújá á ní ìdajì. Ẹ ṣọ́ra o: nọ́ńbà yẹn máa ń yí padà nígbàkígbà tí ẹ bá fọwọ́ kan síìtì náà. Kí ẹ tó tò ó, ẹ dà á kọ, kí ẹ fi Ctrl+Shift+V lẹ̀ ẹ́ padà sójú rẹ̀ kó lè dúró sójú kan.

Ẹ má fi ojú pín in. Àwọn tó bá ń fi ojú pín, ilé-ìwé ńlá ni wọ́n máa ń kó fún ẹ̀dà tí ọkàn wọn fẹ́, wọn kò sì ní mọ̀ pé àwọn ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí méjèèjì lọ ní wákàtí kan náà, àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú, kí ẹ máa fi wọ́n lọ ní àdàlù, ọ̀kan-ọ̀kan. Gmail ọ̀fẹ́ kò gbà ju ènìyàn 500 lọ lójúmọ́, 300 yín wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ má kó wọn sí BCC kan ṣoṣo.

SólàGwarinpa

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n mi. 150 sí 150, ṣé yóò tó? Ṣé mo lè dúró ní kété tí ọ̀kan bá ti ṣíwájú dáadáa?

ÀǹtíJabi

Ẹ má dúró lójú ọ̀nà. Ẹ̀dà méjì tó dọ́gba máa ń gba iwájú lọ́wọ́ ara wọn. Tí ẹ bá ń yọjú wò ó lójoojúmọ́, tí ẹ sì dúró lọ́jọ́ tí ọ̀kan bá jìnnà, ọjọ́ kan á wà tó máa rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ ní, ọjọ́ mẹ́wàá ni kó jẹ́.

Ti iye: nínú 120 àkọ́kọ́, 6 ló fẹ́ iṣẹ́ lóòótọ́, ìyẹn 5 nínú 100. Tó bá rí bẹ́ẹ̀ lọ, 300 á fún yín ní bíi 15. Nínú 15, 12 sí 3 nìkan ni mo lè gbà gbọ́. 11 sí 4 ṣì lè jẹ́ oríire lásán, bí ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́jọ. Tó bá jẹ́ 10 ló wọlé, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ 9 sí 1. Tó bá jẹ́ 20, 15 sí 5. Ẹ lè wò ó fúnra yín. Ti 9 sí 4 nìyí:

```
=2*BINOM.DIST(4,13,0.5,TRUE)
```

Nọ́ńbà tó kéré nínú méjèèjì ló ṣáájú, àpapọ̀ ló tẹ̀lé e. Èyí tí mo kọ yẹn á fún yín ní 0.267. Tí ó bá wà lábẹ́ 0.05, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á gbọ́. Kò ṣiṣẹ́ tí ẹgbẹ́ méjèèjì kò bá dọ́gba ní iye.

Ẹ rí i báyìí pé 300 lè fi ìyàtọ̀ ńlá nìkan hàn yín. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀dà kan ń mú 5 wá nínú 100, tí èkejì ń mú 7, ó máa gbà tó 2,000 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó lè rí i. Ẹ kò ní irú lísìtì bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ẹ má dán ohun kéékèèké wò, bíi "Ẹ kú àárọ̀" sí "Ẹ kú iṣẹ́". Ẹ dán ohun tó lè yí ọkàn ènìyàn padà.

Alhaji_TudunWada

Ohun kan tí ẹ kò mẹ́nu bà: ẹni tó bá ní kí ẹ má kọ̀wé sí òun mọ́, ẹ yọ ọ́ kíá. Òfin ìdáàbòbò détà ti wà láti 2023, ẹni tí kò fẹ́ ìpolówó yín ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀.

SólàGwarinpa

A ń yọ wọ́n. Mo ti fi gbogbo èyí han ọ̀gá mi. Ó ní tí 9 sí 4 kò bá tiẹ̀ dájú, kí ló dé tí a kò ní máa lo ìkejì lọ ná? Kò ná wa ní kọ́bọ̀.

ÀǹtíJabi

Ọ̀gá yín kò sọ̀rọ̀ burúkú. Tí méjèèjì bá rọrùn bákan náà, tí kò sì sí owó níbẹ̀, èèyàn lè mú èyíkéyìí. Tó bá wá yá, kó má ṣe máa sọ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn pé "a ti dán an wò". Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìkejì ń náni. Ẹnìkan ní láti ka "bẹ́ẹ̀ ni, a ní" márùn-ún, kó dá wọn lóhùn.

Bọ̀dáNyanya

Àwọn márùn-ún yẹn ni mo máa kọ́kọ́ pè tó bá jẹ́ èmi ni. A ò ní fẹnu kò lórí ìyẹn.

SólàGwarinpa

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni wọ́n máa lọ. Ìbéèrè kan ló kù: a máa ń kọ ìrántí lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin sí ẹni tí kò bá dáhùn. Ṣé kí a fi í sílẹ̀?

ÀǹtíJabi

Ẹ kọ ọ́, kí ó jẹ́ ìrántí kan náà fún ẹgbẹ́ méjèèjì, lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ má sì fi ìbéèrè ìparí kankan sínú rẹ̀. Ọjọ́ kẹrin yín á bọ́ sí ọjọ́ Sátidé, ẹ sún un sí ọjọ́ Ajé.